Bí A Ṣe Ń Béèrè fún Ínfóìsì Àtúnṣe Nígbà tí Owó-Orí Àfikún-Iye Inú Rẹ̀ Kò Tọ̀nà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó ń bójú tó owó ní iléeṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ fún owó-orí àfikún-iye, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáàtì, ni a kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí fún. Oríṣi àṣìṣe kan ni a gbájú mọ́ jù: èyí tí àpapọ̀ owó orí ínfóìsì tọ̀nà, ṣùgbọ́n tí iye tí wọ́n pè ní owó-orí nínú rẹ̀ kò tọ̀nà. Òun ló máa ń yọ́ kọjá mọ́ni lójú jù lọ, nítorí pé ẹni tó fẹ́ sanwó kì í sábà wò ju ìlà ìsàlẹ̀ lọ.

Báwo ni àpapọ̀ ṣe lè tọ̀nà kí owó-orí inú rẹ̀ má tọ̀nà?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa padà sí. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ, òun àti olùtajà sì fẹnu kò sí 110,000, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé owó-orí ti wà nínú iye náà. Òṣùwọ̀n owó-orí tó bá ọjà náà mu jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó yẹ kó hàn lórí ínfóìsì ni 100,000 fún ẹ̀rọ àti 10,000 fún owó-orí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ínfóìsì mú 110,000, ó ṣírò ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó rí 11,000, ó yọ ọ́ kúrò lára àpapọ̀, ó sì kọ 99,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ro 99,000 pọ̀ mọ́ 11,000, 110,000 náà ni ẹ ó rí, kò sì sí ohun tó máa ta yín lólobó.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá ni pé orí iye ọjà kí a tó fi owó-orí kún un ni a ti ń ṣírò owó-orí, kì í ṣe orí àpapọ̀. Nínú gbogbo 110 tí ẹ bá san, 100 jẹ́ ti ọjà, 10 sì jẹ́ ti owó-orí, nítorí náà ìdá kan nínú mọ́kànlá ni owó-orí jẹ́ nínú àpapọ̀, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí a ṣe ń yọ ọ́ jáde nìyí:

```
owó-orí = àpapọ̀ × òṣùwọ̀n ÷ (100 + òṣùwọ̀n)
        = 110,000 × 10 ÷ 110
        = 10,000
```

Bí òṣùwọ̀n tiyín bá yàtọ̀ sí 10, ẹ fi tiyín sí ipò rẹ̀, ìlànà náà kò yí padà.

Kí ni mo lè fi dá a mọ̀ kíákíá, láìjẹ́ pé mo tún gbogbo ínfóìsì ṣírò?

Ẹ mú iye owó-orí tó wà lórí ínfóìsì, kí ẹ fi iye ọjà tí kò ní owó-orí nínú pín in. Èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá òṣùwọ̀n òfin dọ́gba. Nínú àpẹẹrẹ wa, 11,000 tí a fi 99,000 pín jẹ́ 0.111, èyí tó ju 0.10 lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí òṣùwọ̀n ti jẹ́ 10 lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé orí àpapọ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, nítorí pé àṣìṣe yìí ní àmì tirẹ̀ tí kì í yí padà, bó ti wù kí ọjà tóbi tó tàbí kó kéré tó.

Àṣìṣe kejì tó tún wọ́pọ̀ ni ti ẹ̀dínwó. Olùtajà gbà láti yọ 5,000 kúrò lára ọjà 100,000, ó kọ ẹ̀dínwó náà sórí ínfóìsì, ṣùgbọ́n ó ti ṣírò owó-orí kó tó yọ ọ́. Ọjà di 95,000, owó-orí sì ṣì jẹ́ 10,000 dípò 9,500. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí 0.105. Níbí àpapọ̀ pàápàá ti ṣẹ̀, nítorí 105,000 ni wọ́n ń béèrè dípò 104,500, ìyẹn sì ni olówó fi sábà máa ń tètè rí i.

Bí ínfóìsì bá ní ọjà tí òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀ síra, tàbí èyí tí òfin dá sílẹ̀ kúrò nínú owó-orí, ẹ ṣe ìpín náà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má fi àpapọ̀ pín àpapọ̀. Bí ìyàtọ̀ tí ẹ rí kò bá sì ju owó ẹyọ kékeré kan tàbí méjì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà olùtajà ń yí owó ìlà kọ̀ọ̀kan sí odidi kó tó rò wọ́n pọ̀, nígbà tí ẹ̀yin rò wọ́n pọ̀ kí ẹ tó yí i. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe tí ó yẹ kí èèyàn kọ̀wé lé lórí.

Owó tí a san kò yí padà. Kí ló wá burú nínú rẹ̀?

Bí ẹ bá gba ínfóìsì náà bó ṣe wà, 11,000 ni ẹ ó kọ sínú ìwé ìjábọ̀ owó-orí yín gẹ́gẹ́ bí owó-orí tí ẹ ti san, tí ẹ sì fẹ́ gbà padà. Ṣùgbọ́n 10,000 péré ni òfin mọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí owó-orí yìí ti wà, ohun tí ẹ̀tọ́ yín láti gba owó padà dúró lé lórí ni owó-orí tó yẹ lábẹ́ òfin, kì í ṣe iye yòówù tí ẹnìkan bá kọ sórí ìwé. Ilé-ẹjọ́ Òdodo ti Yúróòpù sọ èyí ní kedere ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Genius Holding. Lọ́jọ́ tí àwọn ayẹ̀wéwò àjọ agbowó-orí bá dé, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kí ẹ dá 1,000 náà padà, èlé sì lè gun orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan olùtajà pẹ̀lú, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó kọ̀wé sí i. Abala 203 nínú òfin owó-orí àfikún-iye ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ owó-orí sórí ínfóìsì ti di ajigbèsè owó-orí náà, ìlànà tó jọ ọ́ sì wà ní àwọn ibòmíràn. Nítorí náà, títí wọn yóò fi ṣàtúnṣe, 11,000 ni olùtajà yín jẹ àjọ agbowó-orí lórí ọjà tó yẹ kó san 10,000 lé lórí. Ẹ kì í ṣe alágbe nínú ọ̀rọ̀ yìí; àtúnṣe tí ẹ ń béèrè yóò fi owó sí àpò òun náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìṣirò tiyín náà kò ní tọ̀nà. Ẹ̀rọ tí ẹ ra ní 100,000 yóò wà nínú àkọsílẹ̀ yín ní 99,000, ìdínkù iye tí ẹ ó máa yọ lórí rẹ̀ lọ́dọọdún yóò sì máa ṣìnà títí ẹ̀rọ náà yóò fi parí iṣẹ́.

Kí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò lọ́dọ̀ ara wa kí a tó kọ̀wé?

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé àdéhùn tàbí ìwé àṣẹ ìrajà jáde, kí ẹ wò bóyá ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí ni iye tó ní owó-orí nínú tàbí èyí tí kò ní. Bí ó bá jẹ́ pé 99,000 ni ẹ̀rọ náà láìsí owó-orí, a jẹ́ pé owó-orí tó yẹ ni 9,900, àpapọ̀ sì yẹ kó jẹ́ 108,900, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀ràn yín ti yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí a ń sọ. Bí ìwé náà kò bá sọ ọ́ rárá, ọ̀rọ̀ iye ọjà ni ẹ ní láti yanjú pẹ̀lú olùtajà, kí ẹ tó dé orí owó-orí. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn fi ọ̀sẹ̀ gbáko jiyàn lórí owó-orí, láìmọ̀ pé iye ọjà gan-an ni ẹnu wọn kò kò sí.

Ẹ tún wo òṣùwọ̀n tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí òfin kà sí ọjọ́ ìtajà. Bí ìjọba bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí òṣùwọ̀n padà, ó ṣeé ṣe kí èyí tó ṣàjèjì sí yín jẹ́ èyí tó tọ̀nà.

Ta ni kí a kọ̀wé sí, kí ni kí a sì kọ?

Ẹ̀ka ìṣirò owó ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ọjà fún yín. Ẹni tó ta ọjà kò ní àṣẹ láti fọwọ́ kan ínfóìsì tó ti jáde, bí ẹ bá sì bá òun nìkan sọ ọ́ lórí fóònù, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé wọn yóò wò ó, ọ̀rọ̀ náà yóò sì sùn síbẹ̀. Ẹ fi ìṣirò náà hàn wọ́n ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ irú ìwé tí ẹ fẹ́ gbà gan-an. Bí lẹ́tà náà ṣe lè rí nìyí:

> Sí Ẹ̀ka Ìṣirò Owó,
>
> A kí yín, a sì dúpẹ́ fún iṣẹ́ yín. A gba ínfóìsì yín tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0417, ti ọjọ́ 12 oṣù kẹta, lórí ẹ̀rọ tí a rà gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ ìrajà wa 0088. Àpapọ̀ 110,000 tó wà lórí rẹ̀ bá àdéhùn wa mu, a kò sì ní àríyànjiyàn kankan lórí rẹ̀.
>
> Ṣùgbọ́n owó-orí tí ẹ kọ síbẹ̀ jẹ́ 11,000, èyí tí í ṣe ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀. Níwọ̀n bí owó-orí ti wà nínú àpapọ̀ náà, 110,000 × 10 ÷ 110 ni ìṣirò tó yẹ, tó fún wa ní 10,000, iye ẹ̀rọ láìsí owó-orí sì jẹ́ 100,000.
>
> A bẹ̀ yín kí ẹ fi kírẹ́díìtì nóòtì fagi lé gbogbo ínfóìsì 0417, kí ẹ sì fún wa ní ínfóìsì tuntun tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó fi 100,000 àti 10,000 hàn, kí ìwé méjèèjì sì tọ́ka sí 0417. A kò béèrè pé kí ẹ dá owó kankan padà fún wa. Títí ìwé wọ̀nyí yóò fi dé, a kò ní lo owó-orí inú ínfóìsì 0417 nínú ìjábọ̀ wa.
>
> Ẹ ṣeun, à ń retí èsì yín.

Gbólóhùn tó sọ pé ẹ kò béèrè owó ló ṣiṣẹ́ jù nínú lẹ́tà yìí. Akọ̀wé tó bá ka ọ̀rọ̀ “owó-orí ti pọ̀ jù” yóò rò pé ẹ fẹ́ gba owó, yóò sì gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá rí i pé ìwé nìkan ni ẹ ń fẹ́, òun fúnra rẹ̀ lè parí iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí a kò kàn ní kí wọ́n fún wa ní kírẹ́díìtì nóòtì 1,000 lórí owó-orí?

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, ó sì máa ń dá àṣìṣe kejì sílẹ̀. Kírẹ́díìtì nóòtì ń dín gbèsè kù. Bí wọ́n bá fi yọ 1,000 kúrò lára owó-orí nìkan, owó-orí yóò di 10,000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye ẹ̀rọ yóò ṣì jẹ́ 99,000, àpapọ̀ yóò sì di 109,000. Nísinsìnyí ìwé ń sọ pé olùtajà jẹ yín ní 1,000 tí kò jẹ yín, owó-orí 10,000 lórí ọjà 99,000 kò sì tíì bá òṣùwọ̀n mu. Nítorí pé owó kan ní láti kúrò ní ìlà owó-orí kó sì bọ́ sí ìlà ọjà, ọ̀nà tó mọ́ jù ni kí wọ́n fagi lé ínfóìsì náà látòkèdélẹ̀, kí wọ́n sì kọ òmíràn.

Ti àṣìṣe ẹ̀dínwó yàtọ̀ sí èyí. Níbẹ̀, iye ọjà 95,000 tọ̀nà, 500 tó lé lórí owó-orí kò sì yẹ kó wà rárá, nítorí náà kírẹ́díìtì nóòtì 500 lórí owó-orí nìkan tó.

Olùtajà fi PDF mìíràn ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà àti ọjọ́ kan náà, ó ti yí iye inú rẹ̀ padà. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ má gbà á. Ìwé méjì ló ti wà nílẹ̀ báyìí tí wọ́n ń jẹ́ 0417, ọ̀kan ń sọ 11,000, ìkejì ń sọ 10,000, kò sì sí ohunkóhun lára ìkejì tó fi hàn pé ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ayẹ̀wéwò tó bá rí méjèèjì yóò béèrè èyí tí ẹ lò àti ìdí rẹ̀. Ohun tó lè burú jù níbẹ̀ ni pé kí àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà olùtajà má yí padà rárá, kó jẹ́ pé ojú ìwé nìkan ni wọ́n tún ṣe. Bí àjọ agbowó-orí bá wá fi àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì wéra, tiyín àti tiwọn kò ní dọ́gba.

Ìwé tó bá ṣàtúnṣe gbọ́dọ̀ tọ́ka sí èyí tó ń tún ṣe, lọ́nà tí kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn ibì kan gba kírẹ́díìtì nóòtì pẹ̀lú ínfóìsì tuntun, àwọn ibì kan gba ìwé àtúnṣe kan ṣoṣo tó dárúkọ nọ́ńbà àti ọjọ́ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìtọ́ka yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀ níbikíbi. Níbi tí ínfóìsì ti ń gba orí ẹ̀rọ àjọ agbowó-orí kọjá kó tó dé ọwọ́ olùrà, olùtajà kò tiẹ̀ lè yí èyí tó ti gbàṣẹ padà. Ó ní láti gba ọ̀nà ìfagilé tàbí kírẹ́díìtì nóòtì tí ètò náà là sílẹ̀.

Ṣé mo lè fi bírò tún un ṣe, kí olùtajà sì buwọ́ lù ú?

Rárá. Olùtajà ló ni ínfóìsì náà, òun ló sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe nínú ìwé tirẹ̀.

Ṣé ká dá owó dúró títí àtúnṣe yóò fi dé?

Nínú àpẹẹrẹ wa, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa dá a dúró. Ẹ jẹ 110,000, iye yẹn ni ẹ ó sì san bí ínfóìsì tuntun bá dé, nítorí náà bí ẹ bá fi owó olówó dè é nítorí ìwé, ẹ̀yin lẹ ti rú àdéhùn. Kìkì ohun tí ẹ ó dá dúró ni gbígba owó-orí padà. Bí àpapọ̀ fúnra rẹ̀ bá ti ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹ̀dínwó, ẹ san 104,500 tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ lákòókò tó yẹ, kí ẹ sì kọ ìdí tí 500 fi kù sínú lẹ́tà tó bá owó náà rìn.

A ti kọ 11,000 sínú ìjábọ̀ tó ti lọ. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ ti gba 1,000 tí kò tọ́ sí yín, ẹ sì ní láti dá a padà yálà olùtajà dáhùn tàbí kò dáhùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ń gbà kí èèyàn tún àṣìṣe kékeré ṣe nínú ìjábọ̀ tó kàn, nígbà tí èyí tó bá kọjá iye kan gbọ́dọ̀ gba ìwé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ agbowó-orí; iye ọ̀hún wà nínú ìlànà àjọ tiyín. Ẹ má dúró de ìgbà tí wọn yóò fi bi yín, nítorí pé ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ àṣìṣe kì í sábà jẹ irú ìyà tí ẹni tí wọ́n ká a mọ́ lọ́wọ́ máa ń jẹ. Bí ìwé tuntun bá dé, ẹ fi kírẹ́díìtì nóòtì yọ 99,000 àti 11,000 kúrò, kí ẹ kọ 100,000 àti 10,000 wọlé, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ kò tún yọ 1,000 tí ẹ ti dá padà lẹ́ẹ̀kejì.

Bí owó-orí tó wà lórí ínfóìsì bá kéré ju bó ti yẹ lọ ńkọ́?

Ẹ kò lè gbà padà ju iye tí ínfóìsì fi hàn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àdéhùn bá ní kí a fi owó-orí lé iye ọjà lórí, olùtajà lè padà wá béèrè èyí tó kù, ẹ ó san án, ẹ ó sì gbà á padà nígbà tí ìwé rẹ̀ bá dé. Bí owó-orí bá ti wà nínú iye tí ẹ fẹnu kò sí, ara owó tí ẹ ti san ni olùtajà yóò ti yọ ọ́.

Olùtajà kò dáhùn. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Ẹ tún kọ̀wé, kí ẹ so lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì dárí rẹ̀ sí ẹni tó ju akọ̀wé lọ. Nínú lẹ́tà kejì yìí ni ó yẹ kí ẹ ti sọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé iléeṣẹ́ tiwọn náà ń san 1,000 tí kò yẹ fún ìjọba. Bí wọn kò bá dáhùn síbẹ̀, ẹ tọ́jú gbogbo lẹ́tà náà pẹ̀lú ìṣirò yín, ẹ má gbà ju 10,000 lọ, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníṣirò owó yín bóyá òfin tiyín gbà kí ẹ gba 10,000 náà lórí ínfóìsì tó ní àbùkù, nítorí pé ibi kan gbà á, ibòmíràn kò gbà á. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀tọ́ láti gba owó-orí padà ní gbèdéke, lẹ́tà tí olùtajà kò fèsì sí kì í sì dá gbèdéke náà dúró.

Ínfóìsì tuntun ti dé. Kí ni kí a yẹ̀ wò lára rẹ̀?

Ẹ tún ṣe ìpín tí ẹ ṣe níbẹ̀rẹ̀: 10,000 tí a fi 100,000 pín gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.10 gẹ́lẹ́. Ẹ wò bóyá kírẹ́díìtì nóòtì fagi lé 99,000 àti 11,000 ní ìlà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kì í ṣe 110,000 lápapọ̀ láìsọ èwo ni owó-orí nínú rẹ̀. Ẹ wò bóyá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ owó-orí tiyín àti tiwọn pé, nítorí pé ẹni tó ń kánjú tún nǹkan kan ṣe máa ń ba òmíràn jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbèsè tí ìwé yín sọ pé ẹ jẹ olùtajà náà. Kò gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ kó àwọn ínfóìsì mìíràn tí olùtajà kan náà ti kọ fún yín jáde. Ó ṣòro kí irú àṣìṣe yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí pé inú ìlànà ìṣirò tí wọ́n tò sínú kọ̀ǹpútà wọn ló sábà máa ń wà, gbogbo ínfóìsì tí wọ́n fi iye tó ní owó-orí nínú ṣe ni yóò sì ní àmì 11.1 yẹn. Bí ẹ bá rí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ to gbogbo wọn sínú lẹ́tà kan, nọ́ńbà àti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ọ̀wọ́, kí olùtajà lè tún wọn ṣe pa pọ̀ nínú ìjábọ̀ kan.